Fìtírì Tó Dé Lẹ́yìn Ìrun

Bí mo bá sọ pé mo ti dárí ji ọkùnrin yẹn, irọ́ ni mo ń pa. Àwọn ọmọ mi máa ń sọ fún mi pé, "Ìyá wa, ó ti kú, ẹ jẹ́ kó sinmi." Kó sinmi kẹ̀? Bàbá mi tó lé lọ sọ́run pẹ̀lú orúkọ olè lórí, ta ló jẹ́ kí òun sinmi? Mo ti darúgbó, eyín mi ti ń ká lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà, inú mi ṣì ń ru bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn arúgbó tó ti dárí ji gbogbo ayé, kó wá ilé mìíràn lọ.

Ọmọge ni mí nígbà tí ogun lé wa kúrò l'Ékòó. A gba orí ọ̀sà wá sí Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú ẹní, ìkòkò, àti àwọn ìwé kéú bàbá mi tí a fi awọ wé kí omi má baà tà sí wọn. Àwọn onílẹ̀ tí a bá níbẹ̀, apẹja àti oníṣòwò orí omi, fún wa níbi tí a ó kọ́lé sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kírun kí a tó dé. A mọ ilé amọ̀, a mọ mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì fi bàbá mi ṣe akápò. Akápò ni ẹni tí ohunkóhun tí èèyàn bá mú wá nítorí Ọlọ́run ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Àfáà ni bàbá mi, ó mọ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Ó ti kọ́ mi ní kéú láti kékeré, torí náà nígbà tí kò rí ìlà mọ́, ó gbé kálámù lé mi lọ́wọ́. Òun á máa pè é, èmi á máa kọ ọ́.

Ìkòkò mẹ́ta àti agbọ̀n ńlá kan ló wà nínú yàrá rẹ̀. Ìkòkò àkọ́kọ́ ni ti sàárà, ìyẹn ohun tí tọkùnrin tobìnrin ń mú wá lọ́jọ́ Jímọ̀ láti inú ọkàn wọn wá. Ìkejì ni ti sàká, èyí tó jẹ́ dandan fún olówó láti yọ nínú ọrọ̀ rẹ̀ tí ọdún bá yí po. Ìkẹta ni ti ìlérí, fún ẹni tó dìde láàárín jámáà tó ní òun á ṣe báyìí báyìí. Agbọ̀n ni ti fìtírì, nítorí oúnjẹ ni fìtírì, mùdù mẹ́rin fún orí kọ̀ọ̀kan nínú ilé, àtọmọ ọwọ́ àtẹrú, ní òpin ààwẹ̀. Bí wọ́n ṣe wà nínú yàrá ni mo ṣe ń kọ wọ́n sórí tákàdá: ọ̀nà mẹ́rin, pẹ̀lú ìlà yíǹkì pupa láàárín wọn. Bàbá mi kì í fi èyí ṣeré. Ó ní sàká ní àwọn tó ni ín, àwọn tálákà, àwọn onígbèsè, àwọn àlejò tí ọ̀nà há mọ́. Bí òjò bá ń kán lé Lèmọ́mù lórí nínú mọ́ṣáláṣí, a ò gbọdọ̀ fi owó sàká ra koríko òrùlé. Ti sàárà la fi ń ra ẹní àti epo fìtílà. Ti ìlérí, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣèlérí ni a ń ná an lé.

Ìlérí ló sì le jù láti kọ. Ọ̀nà méjì ló ní kí n pín in sí: ohun tí wọ́n fi ẹnu sọ, àti ohun tó dé ọwọ́ wa. Tó bá di Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí oṣù tuntun bá lé, bàbá mi á dìde lẹ́yìn ìrun, á sọ fún gbogbo jámáà ohun tó wọlé nínú oṣù tó kọjá, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí ẹnu sọ kò sí nínú ohun tó wọlé. Á kàn sọ ọ́ ní ìparí pé, "Èyí ló kù lọ́wọ́ àwọn tó ṣèlérí." Kò sì jẹ́ bú ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin tí mò ń wí ti bá wa jà. Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí òun ló ni àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń ná Ìkòròdú. Wọ́n á kó ẹja gbígbẹ àti iyọ̀ lọ láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n á gúnlẹ̀ sí èbúté Ìpakodò, wọ́n á sì kó àgbàdo, iṣu àti ọkà bàbà bọ̀. Ó lówó, kò ṣeé jiyàn. Ó ga, ó pupa, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ó sì fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa wo òun ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí a fẹ́ tún òrùlé mọ́ṣáláṣí ṣe, ó dìde, ó ní òun á mú ọ̀kẹ́ owó ẹyọ mẹ́ta wá. Háà! Gbogbo ilé gbà á bí ẹni gbọ́ ìró ọdún. Wọ́n ṣàdúrà fún un títí àwọn ọmọdé fi ń tòògbé. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ ohun tí ẹnu sọ.

Nínú oṣù yẹn, ó rán àwọn ẹrú rẹ̀ mẹ́ta wá pẹ̀lú ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn nítorí pé ó wúwo. Bàbá mi gbà á, ó gbàdúrà, ó ní kí n kọ ọ̀kẹ́ kan sí abẹ́ ohun tó wọlé. Kò pe ẹlẹ́rìí kankan. Ẹlẹ́rìí wo? Àfáà ni, ilé Ọlọ́run ni, ta ló ń pe ẹlẹ́rìí nígbà náà? Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀lé e, ó dìde, ó ka sàárà, ó ka sàká, ó ní, "Nínú ìlérí òrùlé, ọ̀kẹ́ kan wọlé láti ọwọ́ Ọlọ́kọ̀. Ọ̀kẹ́ méjì ló kù."

Ọlọ́kọ̀ fò dìde. "Akápò, kí lẹ wí?"

"Ọ̀kẹ́ kan ló dé ọwọ́ wa."

"Mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́! Èèyàn mẹ́ta ló gbé e, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀kẹ́ kan. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá sọ ọ́."

Wọ́n pè wọ́n. Wọ́n wá. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní mẹ́ta ni. Ẹ gbọ́ o, ẹrú wo ló máa dúró láàárín ìlú kó sọ pé olówó òun purọ́? Èmi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹní tí a ta sí ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin. Mo fẹ́ pariwo. Ìyá mi di ẹnu mi mú, ó fi ọwọ́ kejì di apá mi.

Bàbá mi kàn dúró. Kò búra, kò bínú. Ó ní, "Ohun tó dé ni mo kọ." Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí àwọn àgbà. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí? Ẹni tí kò ríran ló ń gba owó wa, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń kọ ọ́. Láti òní lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ohunkóhun pé ó wọlé mọ́ àfi èyí tí wọ́n bá kà tàbí tí wọ́n wọ̀n lójú ẹlẹ́rìí méjì. Kí ó má baà jẹ́ pé ẹnu akápò nìkan la ó máa gbọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àwọn àgbà mi orí, wọ́n gbà á, ó di òfin jámáà. Wọ́n kò sọ pé bàbá mi jalè. Wọ́n ní kó sinmi díẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wá kó àwọn ìkòkò. Wọ́n rù wọ́n jáde ní ojú ọ̀nà, gbogbo ará àdúgbò sì ń wò. Bàbá mi jókòó sórí awọ rẹ̀, ó ń ka tẹsùbáà. Láti ọjọ́ náà, kò tún lọ sí ìlà iwájú mọ́ tó bá ń kírun. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń dúró sí, lẹ́bàá bàtà àwọn èèyàn. Kò ṣàìsàn tó lórúkọ. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ̀ ẹ́, títí ó fi kú kí ọdún tó yí. Nígbà tí wọ́n ń wẹ òkú rẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kan ní ìta ń sọ pé ọ̀kẹ́ méjì náà kò mà mú ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Mo mọ ohùn onítọ̀hún. Èmi àti òun kò kí ara wa mọ́ títí ó fi kú.

Wọ́n fi ọkùnrin mìíràn ṣe akápò, àgbàlagbà oníṣòwò ẹja kan láti inú àwọn onílẹ̀ Ẹ̀pẹ́. Èèyàn gidi ni, orí rẹ̀ pé, kì í gbàgbé nǹkan tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Ó wá sílé wa, ó jókòó, ó ti iwájú ti ẹ̀yìn kí ó tó lè sọ ohun tó bá wá. Ó ní, "Ọmọ mi, kò sí ẹni tó mọ bí bàbá rẹ ṣe ń kọ ọ́. Àwọn ọmọ kéú tí wọ́n fún mi dà á pọ̀, wọ́n kọ sàká mọ́ sàárà, mi ò mọ èyí tí mo lè ná. Jọ̀ọ́, wá bá mi kọ ọ́."

Ìyá mi ní, "Kó má dé ibẹ̀ o! Ṣé èyí tí wọ́n ṣe fún wa kò tíì tó?"

Mo ní màá wá. Ìyá mi wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Kì í ṣe àánú akápò ló ṣe mí, ẹ má tàn ara yín jẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí orúkọ bàbá mi jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́ méjì náà, kí ojú sì ti ẹni tó fi í sínú rẹ̀, ní gbangba, níbi tí ojú ti ti bàbá mi. Mo sì mọ̀ pé tí ọ̀nà kan bá wà, láti ibi ìwé yẹn ló máa gbà wá. Nítorí náà mo jókòó, mo ń kọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe tọ́, mi ò fi ẹyọ owó kan kún ti Ọlọ́kọ̀, mi ò yọ ọ̀kan kúrò. Ṣé kí n purọ́ mọ́ ọn kí òun lè sọ pé ọmọ olè ni mí lóòótọ́? Rárá o.

Ọdún kan kọjá, òmíràn dé, mo ń retí. Lẹ́yìn náà, Baba Àdínnì wa, baba ìsàlẹ̀ jámáà, kú, ipò náà sì ṣófo. Ta ló tún fẹ́ ẹ bí kò ṣe Ọlọ́kọ̀? Ó ti ra aṣọ láwàní tí wọ́n máa wé fún un, ó ti ń fi han àwọn èèyàn. Àwọn àgbà kò ní kọ̀ ọ́, wọ́n jẹ ẹ̀bà rẹ̀ púpọ̀ jù. Àṣà kan ṣoṣo ló wà nínú jámáà wa: a kì í wé láwàní oyè fún ẹni tí fìtírì ilé rẹ̀ kò bá pé ní ọdún náà. Jímọ̀ tó tẹ̀lé ìtúnu ààwẹ̀ ni akápò máa ń ka fìtírì, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye orí tó wà níbẹ̀. Wọ́n sún ìwéláwàní sí ọjọ́ yẹn gan-an. Kò sẹ́ni tó fi ọkàn sí fìtírì. Fìtírì Ọlọ́kọ̀ máa ń pé ju ti gbogbo èèyàn lọ.

Ṣùgbọ́n èmi mọ bó ṣe ń mú un wá. Àwa yòókù, láti àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ ìtúnu la ti ń gbé tiwa lọ sí yídì, ní wẹ́rẹ́. Òun kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Á dúró títí gbogbo ìlú yóò fi jókòó sórí ẹní, á wá jẹ́ kí àwọn ẹrú rẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ẹ̀bá omi wá, àpò àgbàdo lórí kálukú, kí gbogbo ojú lè rí i. Òun náà á máa bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú agbádá, á máa kí tọ̀tún tòsì. Ọdọọdún ló ń ṣe é. Lójú ayé bàbá mi, wọn kì í wọ̀n ọ́n nígbà yẹn. Bàbá mi á ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀, ó ti di fìtírì, a ó wọ̀n ọ́n tí a bá kírun tán. Ó gbà á gbọ́. Ẹ ẹ̀ rí ayé?

Nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyí: oúnjẹ tó bá dé ọwọ́ ṣáájú ìrun yídì, fìtírì ni. Èyí tó bá dé lẹ́yìn ìrun, sàárà bíi ti gbogbo ọjọ́ ni. Tálákà á jẹ ẹ́, ẹni tó mú un wá á gba láádá, ṣùgbọ́n kò wọ abẹ́ fìtírì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo jókòó sí etí yídì pẹ̀lú mùdù onígi mi, tákàdá mi àti kálámù. Akápò àti àgbàlagbà kan ń ṣe ẹlẹ́rìí. A ti wọn ti gbogbo èèyàn tán. Oòrùn ti gòkè. Lèmọ́mù ti jókòó, ìlà ti tò. Nígbà náà ni àwọn èèyàn Ọlọ́kọ̀ yọ láti ọ̀nà èbúté. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkòròdú dé pẹ̀lú àgbàdo tuntun, ó fẹ́ kí a rí i pé tuntun ni. Wọ́n sọ àwọn àpò kalẹ̀ níwájú mi. Òun kò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi, ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá lọ sí ìlà iwájú, ibi tí bàbá mi máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀.

Akápò rọra sọ fún mi pé, "Ó ti pẹ́. Jẹ́ ká gbà á báyìí, ká wọ̀n ọ́n tí a bá kírun tán."

Mo ní, "Bàbá, òfin wo lẹ fẹ́ kí n rú? Ṣebí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ kọ ohun tí a kò bá wọ̀n lójú ẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe é."

Ó wò mí. Ó wo àwọn àpò. Ó mọ ẹni tó ṣe òfin náà, ó sì mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó tú ẹnu àpò àkọ́kọ́ fún mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Mo bu mùdù kan, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀, mo dà á sínú agbọ̀n. Mẹ́rin, orí kan: Ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀. Mẹ́rin, ìyálé rẹ̀. Mẹ́rin, ìyàwó kejì. Mi ò yára, mi ò sì fà á. Bí mo ṣe wọn ti opó tó mú mùdù mẹ́rin rẹ̀ wá nínú igbá ní ìdájí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe wọn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n opó kò ní ogójì orí nínú ilé. Ládàání wá láti iwájú, ó ní Lèmọ́mù ní ṣé a ti parí, oòrùn ń mú àwọn ọmọdé. Mo ní, "Ẹ sọ fún Lèmọ́mù pé kí wọ́n má torí wa dúró." Ọlọ́run gbọ́ mi, mo fi tayọ̀tayọ̀ sọ ọ́.

Mo ti wọn ìyàwó tán, mo ti wọn àwọn ọmọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àwọn ẹrú, nígbà tí Lèmọ́mù gbé ọwọ́ sókè tó ké Àllááhù Àkbár. Mo gbé mùdù kalẹ̀. Mo fa ìlà pupa sábẹ́ orí ìkẹtàdínlógún, mo dìde, mo lọ sí ìlà àwọn obìnrin, mo kírun mi. Lẹ́yìn ìrun ni mo wọn èyí tó kù, mo sì kọ ọ́ síbi tó yẹ ẹ́, sàárà. Oṣù tuntun sì ti lé láti ìrọ̀lẹ́ àná. Fìtírì nìkan ni bàbá mi kọ́ mi pé kí n máa kọ mọ́ oṣù ààwẹ̀, nítorí ààwẹ̀ ló bí i. Sàárà ọjọ́ ìtúnu, inú oṣù tuntun ló wà, Jímọ̀ yẹn kò ní í gbọ́ nípa rẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ náà gan-an a pín gbogbo oúnjẹ náà fún àwọn tó nílò rẹ̀. Ebi kò pa ẹnikẹ́ni nítorí mi, kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi sọ ìyẹn.

Kí Jímọ̀ tó pé, mo kà á sí akápò létí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ó sì gbé e sórí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Bó ṣe rí nìyí?" Mo ní, "Bó ṣe rí nìyí, lójú yín."

Mọ́ṣáláṣí kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ náà. Aṣọ láwàní wà lórí àwo níwájú Lèmọ́mù. Akápò dìde, ó ka sàárà oṣù ààwẹ̀, ó ka sàká, ó ka ìlérí tó wọlé àti èyí tó kù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ fìtírì. Ilé kan, orí méje, ó pé. Ilé kan, orí mẹ́ta, ó pé. Ó dé ti Ọlọ́kọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ilé Ọlọ́kọ̀, ogójì orí. Mẹ́tàdínlógún ló wọlé."

Gbogbo orí yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọlọ́kọ̀ ti wà lórí ìdúró. "Irọ́ ni! Gbogbo ìlú ló rí àgbàdo mi! Kí a tó kírun ló ti wà nílẹ̀ níbẹ̀!"

Akápò ní, "Ó wà nílẹ̀ lóòótọ́. A kò tíì wọ̀n ọ́n tán kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí a wọ̀n lẹ́yìn ìrun, sàárà oṣù yìí ni, ẹ máa gbọ́ ọ tí oṣù bá parí."

"Kí ni ti pé ẹ wọ̀n ọ́n tàbí ẹ ò wọ̀n ọ́n? Mo ti mú un wá, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ àwọn èèyàn mi, ó parí! Ṣé ẹni tó gbà á kò lójú ni? Ẹ bi ẹni tó gbà á! Ọ̀rọ̀ ẹni tó gbà á tó!"

Lèmọ́mù wa ti dàgbà púpọ̀, ó sì ti pẹ́ tí a ti rò pé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Tún un sọ."

"Mo ní ọ̀rọ̀ ẹni tó gbà á tó, Lèmọ́mù. Kò nílò ìwọ̀n, kò nílò ẹlẹ́rìí."

"Ìwọ lo ní kí a ṣe òfin ẹlẹ́rìí."

"Kí ẹ wọ́gi lé e. Ó ń da nǹkan rú."

Lèmọ́mù yí ojú sí àwọn àgbà. "Ṣé ẹ gbọ́? Méjì ni ọ̀nà tó wà níbẹ̀. Bí a bá di òfin náà mú, fìtírì ilé rẹ̀ kò pé, kò sì sí láwàní. Bí a bá wọ́gi lé e, tí ọ̀rọ̀ ẹni tó gba nǹkan bá tó, nígbà náà ọ̀rọ̀ akápò wa tó ti kú náà tó. Ó ní ọ̀kẹ́ kan ló dé ọwọ́ òun. Ọ̀kẹ́ méjì ṣì wà lọ́rùn rẹ. Èwo nínú méjèèjì lo mú?"

Mo ní kí n sọ òótọ́ fún yín: èmi kò rò ó dé ibẹ̀ yẹn. Láwàní ni mo fẹ́ já gbà lórí rẹ̀, ìyẹn nìkan ni mo lè rí láti ibi tí mo jókòó sí. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, ìka rẹ̀ tutù.

Ọlọ́kọ̀ wo aṣọ tó wà nínú àwo. Ó wo àwọn àgbà tó ń jẹ ní ilé rẹ̀; gbogbo wọn ń wo ẹní. Mo rí i láàárín ihò ẹní wa bí òógùn ṣe ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó fẹ́ láwàní yẹn ju bó ṣe fẹ́ irọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ wọ́gi lé òfin náà. Màá mú ọ̀kẹ́ méjì wá." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bẹ bàbá mi, kò dárúkọ rẹ̀. Lèmọ́mù ní láwàní á dúró títí tí ìlérí náà yóò fi wọlé tí a ó sì kà á fún jámáà.

Ó mú un wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ẹrú rẹ̀ méjì ló rù ú. Kò sí òfin mọ́, mo lè kàn gbà á kí n kọ ọ́. Mo kà á. Mo ní kí wọ́n dà á sórí ẹní níwájú mọ́ṣáláṣí, mo kà á ní ogójì ogójì, okùn kan lẹ́yìn òmíràn, àádọ́ta okùn ní ẹgbẹ̀wá kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹni tó ń lọ sọ́jà ń rí mi. Àwọn kan béèrè pé owó kí ni. Mo dá wọn lóhùn sókè pé owó òrùlé tí bàbá mi ní kò tíì dé ni. Ọ̀kan nínú àwọn ẹrú náà, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta ìjọ́sí, jókòó tì mí, ó ń bá mi sín in sórí okùn. Kò lè wo ojú mi. Mi ò bá a wí. Tèmi àti tirẹ̀ kọ́.

Láwàní náà, wọn ò wé e fún un. Kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí oṣù tó parí, àwọn àgbà ti rí ẹlòmíràn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójoojúmọ́ fún ìyẹn, mo ṣì ń dúpẹ́.

Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀lé e, akápò dìde. Ó ka sàárà. Ó pọ̀ lóṣù náà, àgbàdo Ọlọ́kọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí n yí ibi tí mo kọ ọ́ sí padà. Ó ka sàká. Ó ní, "Nínú ìlérí òrùlé, ọ̀kẹ́ méjì tó ṣẹ́kù wọlé láti ọwọ́ Ọlọ́kọ̀. Ó ti pé mẹ́ta. Kò sí nǹkan tó kù." Ọlọ́kọ̀ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ìyá mi, tí kò tíì sọ̀rọ̀ sókè nínú mọ́ṣáláṣí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, dìde lẹ́yìn ẹní àwọn obìnrin. Ó ní, "Akápò, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ tún un kà."

Akápò tún un kà.